Ṣé Ọsitirálọ́ọ̀pù ni adìẹ dúdú mẹ́fà yìí lóòótọ́? Ẹ bá mi wo fọ́tò wọn

Tóyọ̀sí Ìlọrá
Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Mo ra adìẹ dúdú mẹ́fà lọ́wọ́ ẹnì kan tí mo bá pàdé lórí Wọ́ọ̀tisáàpù, ó ní Ọsitirálọ́ọ̀pù gidi ni, pé kò sí àmúlùmálà nínú wọn rárá. Ó ní wọ́n pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá nígbà tó kó wọn fún mi, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà ni mo sì ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí wọ́n ti wà lọ́dọ̀ mi, wọn ò tíì yé. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí n wá àkùkọ sí i kí n máa pa ọmọ wọn tà. Àmọ́ àna mi ọkùnrin tó ti sin léyà rí wá kí wa lọ́jọ́ Àìkú, ó wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan péré ó ní léyà lásán ni, pé wọ́n ti gbá mi. Láti ọjọ́ náà lọkàn mi ò ti balẹ̀.

Fọ́tò mẹ́rin ni mo fi síbẹ̀. Èkíní, gbogbo wọn nínú àgbàlá nírọ̀lẹ́. Ìkejì, ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́. Ìkẹta, orí àti ogbe. Ìkẹrin, ẹsẹ̀. Ogbe wọn dúró ṣánṣán ó ní eyín márùn-ún, ìyẹ́ wọn dúdú ó ń dán, ẹsẹ̀ wọn náà dúdú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó dáadáa, òótọ́ ni mo fẹ́ gbọ́.

Bọ̀dé Ọlọ́sìn
Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọsitirálọ́ọ̀pù pọ́nbélé nìyẹn. Ogbe kan ṣoṣo tó dúró, ẹsẹ̀ dúdú, ìyẹ́ tó ń kọ àwọ̀ ewé bí ẹ̀yìn yímíyímí nínú oòrùn, kí la tún ń wá? Èmi náà ní i l'Abẹ́òkúta níbí, bí tiyín ṣe rí gẹ́lẹ́ ni tèmi rí. Ẹ tètè wá àkùkọ sí i.

Màmá Ẹlẹ́yin
Ọmọ mi, ẹ wo ogbe inú fọ́tò kẹta yẹn dáadáa. Mo rí nǹkan dúdú kóṣókóṣó méjì lórí ẹ̀. Àrùn eéwo orí ogbe ni o, èyí tí ẹ̀fọn máa ń gbé láti ara adìẹ kan sí òmíràn. Ẹ yà á sọ́tọ̀ lónìí lónìí, ẹ má jẹ́ kó bá àwọn tó kù mu omi. Ó pa ọ̀pọ̀ nínú tèmi lọ́dún tó kọjá torí mo rò pé ìdọ̀tí ni.

Tóyọ̀sí Ìlọrá
Ẹ ṣé gan-an ni mà. Mo ti lọ gbé e wò. Ojú ibi tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti sá a lẹ́nu ni, ẹ̀jẹ̀ ló gbẹ síbẹ̀, nígbà tí mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún ó kúrò. Àmọ́ màá máa ṣọ́ ọ.

Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn
Nọ́ílà ni ẹ̀yin ń wò yẹn. Nọ́ílà dúdú wà, èyí tó pupa wà, èyí tó ní tótòtó wà. Ẹni tó bá ti ra Nọ́ílà ní kékeré rí kò ní ṣì í mọ̀.

Bàbá Ọ̀sìn Ògbómọ̀ṣọ́
Mo kí gbogbo yín. Ẹ jẹ́ ká rọra o, torí ohun tó mú àwọn adìẹ yìí jọra lẹ̀ ń kà sílẹ̀, ẹ ò tíì mẹ́nu ba ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ogbe ò lè yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Ogbe kan tó dúró tó léyín, Ọsitirálọ́ọ̀pù ní i, Nérà ní i, Ísà Búráùn ní i, adìẹ ìbílẹ̀ tó ń jẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa náà ní i. Ìgbà tí ogbe máa ràn wá lọ́wọ́ ni tó bá hù yàtọ̀, bí i ti Bíráámà tó máa ń kéré tó máa lẹ̀ mọ́ orí ní ilà mẹ́ta, nígbà náà la ó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ mìíràn wà nínú ẹ̀. Dídán náà ò yanjú ẹ̀. Adìẹ dúdú yòówù tó bá jẹun kánú tí oòrùn sì tàn sí i lára, ó máa dán.

Ní ti Nọ́ílà, Ìsẹ́yìn, òótọ́ ni pé dúdú wà nínú wọn, àmọ́ mẹ́fà tí gbogbo wọn dúdú bákan náà láìsí ẹyọ kan tó ní tótòtó, mi ò rí irú ẹ̀ nínú Nọ́ílà rí àyàfi tí ènìyàn bá ṣà wọ́n jọ.

Fọ́tò kejì ló ń kọ mí lóminú. Ẹ fẹ̀ ẹ́ lórí fóònù yín, ẹ wo ibi tí ọrùn ti ń wọnú àyà. Àwọ̀ kan bí bàbà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ lẹ yà á, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì máa ń fi pupa kun ohun gbogbo, nítorí náà mi ò lè búra sí i. Bó bá jẹ́ bàbà lóòótọ́, Nérà ni mo fura sí, léyà dúdú tí ọ̀pọ̀ wa ti sìn. Bí wọ́n ṣe ń mú un jáde ni pé wọ́n á fi àkùkọ Ródì Áílàndì tó pupa gun abo Pílímọ́ọ̀tù Rọ́ọ̀kù tó jẹ́ abilà dúdú àti funfun. Abo tí wọ́n bá bí á dúdú, pupa bàbá wọn á wá yọ lọ́rùn àti láyà. Akọ á ní ilà funfun gátagàta lára bí ti ìyá wọn. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti pa ni àwọn tó ń ta òròmọdìẹ ti ń yà wọ́n, torí akọ ló máa ń ní àmì funfun kan láàárín orí.

Àǹtí Tóyọ̀sí, ẹ bá wa tún fọ́tò yà. Láàárọ̀, lábẹ́ ibòji, kì í ṣe nínú oòrùn, ẹ má sì tan iná fóònù. Ẹ fọ ẹsẹ̀ wọn mọ́ kí ẹ tó yà á, torí ilẹ̀ pupa wa yìí máa ń kun ẹsẹ̀ adìẹ débi pé ẹ ò ní mọ àwọ̀ tó jẹ́ tiẹ̀. Ẹ gbé pépà funfun kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, bí pépà bá yọ funfun nínú fọ́tò, a ó mọ̀ pé àwọ̀ tó kù ṣeé gbà gbọ́. Ẹ wá gbé ẹsẹ̀ sókè kí ẹ ya àtẹ́lẹsẹ̀ fún mi. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ rí. Ojúgun dúdú ò sọ nǹkan kan fún mi, torí dúdú lè bo awọ mọ́lẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ ni dúdú ò fi bẹ́ẹ̀ dé, ibẹ̀ la ti máa ń rí awọ adìẹ gan-an. Awọ funfun ni Ọsitirálọ́ọ̀pù ní, àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ máa ń funfun, ó sì lè pọ́n díẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tuntun. Nérà ní tiẹ̀, awọ yẹ́lò ni bàbá ní, òun náà ni ìyá ní, òun náà á yẹ́lò.

Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn
Bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o, yẹ́lò inú ẹsẹ̀ adìẹ, oúnjẹ ló ń fà á. Mo ti sin Ísà tó yẹ́lò rokoṣo rí, nígbà tí àgbàdo wọ́n mo ń fi èèpo ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀ẹ́rí bọ́ wọn, láàárín oṣù méjì ẹsẹ̀ wọn ti funfun. Báwo lẹ ó ṣe wá fi àtẹ́lẹsẹ̀ mọ irú adìẹ?

Bàbá Ọ̀sìn Ògbómọ̀ṣọ́
Òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ apá kan ni. Inú àgbàdo pupa àti ewé tútù ni yẹ́lò yẹn ti ń wá, bí adìẹ ò bá jẹ ẹ́, á ṣá. Ṣùgbọ́n adìẹ aláwọ̀ funfun, bó jẹ àgbàdo pupa láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, awọ ẹ̀ ló máa ba àwọ̀ yẹn jẹ́ kó tó hàn, kò lè yẹ́lò bí ti Ísà. Nítorí náà bí a bá rí yẹ́lò gidi, a ti mọ̀ pé kì í ṣe Ọsitirálọ́ọ̀pù. Bí a bá rí funfun, ìyẹn ò tíì fi hàn pé Ọsitirálọ́ọ̀pù ni. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ẹ̀rí yẹn ń gbà rìn.

Kì í ṣe oúnjẹ nìkan o. Ẹyin yíyé pàápàá máa ń kó yẹ́lò lọ. Ìdí ni yóò kọ́kọ́ ṣá, lẹ́yìn náà ẹ̀bá ojú, lẹ́yìn náà etí, ẹnu rẹ̀ á tẹ̀lé e, ojúgun ló máa ń gbẹ̀yìn. Àgbébọ̀ tó ti yé fún oṣù márùn-ún, mi ò ní fi àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí. Ìdí tí mo fi béèrè fún ti Àǹtí Tóyọ̀sí ni pé wọn ò tíì yé.

Bọ̀dé Ọlọ́sìn
Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ wá ń dẹ́rù bà mí. Àtẹ́lẹsẹ̀ tèmi funfun, ìdí tí wọ́n fi dá mi lójú nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń yé láti oṣù kẹfà. Ohun mìíràn tún ni pé nígbà tí wọ́n wà ní òròmọdìẹ, ikùn wọn funfun, ṣóńṣó ìyẹ́ apá wọn náà funfun, ẹnì kan sì sọ fún mi nígbà náà pé àmúlùmálà ni. Mo fẹ́ẹ̀ dá wọn padà.

Bàbá Ọ̀sìn Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ ló ṣì ọ́ lọ́nà. Òròmọdìẹ Ọsitirálọ́ọ̀pù kì í dúdú tán, ikùn ẹ̀ máa ń funfun tàbí kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ìyẹ́ funfun díẹ̀ lè hù lápá ẹ̀, nígbà tó bá pa ìyẹ́ dà dúdú ni yóò hù dípò ẹ̀. Ìyẹn ò sọ pé tìẹ ò dára, kò sì sọ pé ó dára, torí òròmọdìẹ dúdú míì náà máa ń ní ikùn funfun. Ṣé o ní àkùkọ nínú wọn?

Bọ̀dé Ọlọ́sìn
Mo ní méjì, sà. Dúdú ni wọ́n látòkè délẹ̀, kò sí ilà funfun kankan. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ gbé ẹsẹ̀ wọn sókè ni. Ó funfun. Àgbàdo pupa ni mo sì ń lọ̀ sí oúnjẹ wọn.

Bàbá Ọ̀sìn Ògbómọ̀ṣọ́
Ìyẹn ni ẹ̀rí tó dùn ún gbọ́. Àkùkọ kì í yé ẹyin, ó ń jẹ àgbàdo pupa, àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ sì tún funfun, a jẹ́ pé awọ ẹ̀ funfun lóòótọ́. Kò sí ilà lára, ẹ̀rí kejì nìyẹn. Lára àkùkọ ni kó o ti máa yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe lára àgbébọ̀. Ìwọ sá ti sọ fún Àǹtí pé tiwọn dà bíi tìẹ, ìwọ tún tiwọn wò.

Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́ja
Ẹ̀yin àgbà, ẹ forí jì mí pé mo já wọ inú ọ̀rọ̀ yín. Pẹ́pẹ́yẹ ni mo rà ní tèmi, ẹni tó tà á ní Pékìn ni nítorí pé ó funfun. Ojú ẹ̀ pupa, ẹran pupa kan hù ṣákaṣàka yí ojú ká dé ìdí àgógó ẹnu ẹ̀. Kì í pariwo, ó kàn máa ń mí hẹ̀ẹ̀ hẹ̀ẹ̀. Ṣé Pékìn ni?

Màmá Ẹlẹ́yin
Pẹ́pẹ́yẹ ilé wa ni, èyí tí ìyá wa àgbà sìn. Ẹran pupa ojú yẹn ló fi hàn. Pékìn kì í ní i, ojú ẹ̀ máa ń ní ìyẹ́ mọ́lẹ̀, ẹnu ẹ̀ a máa pọ́n bí ọsàn, abo ẹ̀ sì máa ń pariwo kwáà kwáà tí àdúgbò á gbọ́. Àwọ̀ funfun kì í ṣe tẹnì kan ṣoṣo, funfun wà nínú tiwa náà. Tọ́jú ẹ̀, ó mọ ọmọ sàba dáadáa ju Pékìn lọ.

Tóyọ̀sí Ìlọrá
Ẹ kú ìdúró dè mí. Mo ti tún un yà láàárọ̀ yìí, lábẹ́ igi máńgòrò, ẹsẹ̀ wọn mọ́ tónítóní, pépà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹgbọ́n mi ló bá mi di ọ̀kọ̀ọ̀kan mú.

Mo fi òwú aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ so wọn lẹ́sẹ̀ ká lè mọ èyí tá à ń sọ. Olówùú pupa, funfun, ewé, àti búlúù: nígbà tí mo fọwọ́ ya ìyẹ́ ọrùn wọn, bàbà yọ ketekete, ó wọ àyà díẹ̀. Olówùú yẹ́lò: bàbà ẹ̀ kò ju ìyẹ́ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, lábẹ́ àgbọ̀n báyìí, bí èèyàn ò bá wá a kò ní rí i. Àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn márààrún yẹn yẹ́lò, kò tilẹ̀ farasin, bí inú ọsàn tó pọ́n. Lẹ́yìn ojúgun wọn, láàárín ìpẹ́ méjì, yẹ́lò tún ń yọjú lábẹ́ dúdú níbẹ̀.

Ìkẹfà ló dàrú mọ́ mi lójú. Olówùú dúdú. Mi ò rí bàbà kankan lára ẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ funfun ó pọ́n díẹ̀. Ara ẹ̀ ló tún kéré jù nínú gbogbo wọn.

Adé Kẹ́ńtì
Ẹ kú ojúmọ́ o láti ìlú Ọba. Mo ń sin adìẹ díẹ̀ lẹ́yìnkùlé mi níbí, irú ohun tí Bàbá ń ṣàlàyé yẹn wà níbí náà, Bíláàkì Rọ́ọ̀kù ni wọ́n ń pè é, ìdàpọ̀ kan náà ni, Ródì Áílàndì àti Pílímọ́ọ̀tù Rọ́ọ̀kù abilà. Mo ní mẹ́rin. Bàbà ọrùn wọn ò dọ́gba, ti ọ̀kan dé àyà, ti ìkejì ò ju bí ìkánná lọ. Nítorí náà kí bàbà kéré kò sọ adìẹ di ojúlówó Ọsitirálọ́ọ̀pù. Ẹ tún wo ojú wọn, Àǹtí, mo ń sọ ẹyinjú gan-an. Ti Bíláàkì Rọ́ọ̀kù mi máa ń pọ́n bí ọsàn. Aládùúgbò mi tó ní Ọsitirálọ́ọ̀pù, ẹyinjú tirẹ̀ dúdú, ẹ ò ní lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọlójú bí ẹ bá jìnnà.

Tóyọ̀sí Ìlọrá
Ha. Márùn-ún pọ́n. Ti olówùú dúdú jọ dúdú sí i, tàbí búráùn tó ṣú, mi ò lè sọ ní pàtó.

Bàbá Ọ̀sìn Ògbómọ̀ṣọ́
Adé ṣeun, mo gbàgbé ẹyinjú.

Ọmọ mi Tóyọ̀sí, mo ti wo gbogbo fọ́tò náà lẹ́ẹ̀mejì, pépà yín funfun dáadáa, nítorí náà mo gba àwọ̀ tó kù gbọ́. Márùn-ún yẹn, Nérà ni. Bàbà wà lọ́rùn, yẹ́lò wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ nígbà tí wọn ò tíì yé, yẹ́lò ń yọ lẹ́yìn ojúgun, ẹyinjú pọ́n. Ẹ̀rí mẹ́rin ló fẹnu kò síbi kan. Ìkẹfà, mi ò mọ̀. Funfun àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ lè jẹ́ ti Ọsitirálọ́ọ̀pù, ó sì lè jẹ́ pé ara ẹ̀ ni ò yá, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń lé e nídìí oúnjẹ, yẹ́lò ò wá wọ̀ ọ́ lára. Kíkéré tẹ́ ẹ ní ó kéré yẹn ló mú mi rò bẹ́ẹ̀. Ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ fún un ní àgbàdo pupa àti ewé tútù ní àjẹyó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, kí ẹ tún wo àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Bó bá yẹ́lò, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí kò bá yẹ́lò, a ó máa wádìí lọ.

Ní ti ọmọ pípa tẹ́ ẹ fẹ́ máa tà, ẹ má fi ti márùn-ún yẹn ṣe é. Ìdàpọ̀ ni wọ́n, ọmọ wọn ò ní jọ wọ́n, ẹ ó rí dúdú, ẹ ó rí pupa, ẹni tó bá rà á á padà wá bá yín. Fún ẹyin, kò sí ohun tó ṣe wọ́n, léyà tó dára ni.

Ohun kan kù. Ẹ béèrè fọ́tò àwọn akọ tó bá wọn là pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó tà wọ́n fún yín. Ẹ má sọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń béèrè.

Bọ̀dé Ọlọ́sìn
Àǹtí Tóyọ̀sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Èmi ni mo kọ́kọ́ ní kí ẹ lọ wá àkùkọ. Àwọ̀ àti ẹsẹ̀ nìkan ni mo wò.

Tóyọ̀sí Ìlọrá
Kò sí wàhálà, àbúrò. Mo béèrè, ó ní òun ṣì ní akọ mẹ́ta, ẹgbẹ̀rún méjìlá ni òun á ta ọ̀kọ̀ọ̀kan fún mi torí pé a ti mọra. Fọ́tò tó fi ránṣẹ́ ni mo gbé sísàlẹ̀ yìí.

Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn
Ilà funfun gátagàta láti ọrùn dé ìrù. Ẹsẹ̀ yẹ́lò. Bàbá, mo gbà fún yín.

Bàbá Ọ̀sìn Ògbómọ̀ṣọ́
Akọ Nérà ni. Ẹ fi fọ́tò yẹn pa mọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó fi kọ ọ́ pé Ọsitirálọ́ọ̀pù ni, kí ẹ tó béèrè owó yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí iyàtọ̀ owó, kì í ṣe gbogbo owó, torí adìẹ ṣì wà lọ́wọ́ yín.

Adé Kẹ́ńtì
Àmọ́ ìyẹn ò tíì sọ nǹkan kan nípa olówùú dúdú o. Ẹni tó ń ta irú méjì lè kó wọn pọ̀ sínú àgò kan. Èmi ṣì ń rò pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojúlówó.

Bàbá Ọ̀sìn Ògbómọ̀ṣọ́
Ó ṣeé ṣe. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ṣeé ṣe.

Màmá Ẹlẹ́yin
Èyí tó kéré yẹn, ṣé òun náà ni wọ́n sá lógbe? Bí òun bá ni, ẹ ti mọ ẹni tí wọ́n ń lé nídìí oúnjẹ nìyẹn.

Tóyọ̀sí Ìlọrá
Òun ni, mà. Mo ti gbé e sínú àgò ọ̀tọ̀ láàárọ̀ yìí, ó ti jẹ àgbàdo tán ó tún ń wá òmíràn. Màá ya àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, lábẹ́ igi máńgòrò kan náà, pẹ̀lú pépà kan náà, màá máa gbé e síbí.